Bí a ṣe ń kọ lẹ́tà àtúnṣe sí dísáínà: àtúnṣe márùn-ún péré, kí ìyókù wà bó ṣe wà

Àǹtí mi ní ibi ìkọ́ṣẹ́ àdìrẹ kan ní Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí ọjà Ìtokú. Èmi ni mo máa ń bá wọn kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe ìwé ìpolówó. Nígbà kan, ìwé pẹlẹbẹ wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ku iye owó kan tó yẹ kó yí padà. Mo gba ohùn sílẹ̀ lórí Wásáàpù fún dísáínà wa, mo ní: "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá wa yí owó yẹn padà, kí ẹ sì bá wa tún ojú ẹ̀yìn ṣe díẹ̀ kó fani mọ́ra."

Ìwé padà dé, owó ti yí padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọ̀ aró tó ṣú dáadáa lójú ẹ̀yìn ti di búlúù bí ojú ọ̀run, fọ́tò méjì ti gba ipò ara wọn, àmì ohùn sì ti já kúrò lórí orúkọ Àǹtí. Owó nìkan ni mo wò, mo ní ó ti dára. Ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà ni wọ́n ti tẹ̀ kí Àǹtí tó bi mí pé ta ló ń jẹ́ orúkọ yìí.

N kò bá bọ̀dá yẹn jà, nítorí kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tí a bá ní kó tún nǹkan ṣe díẹ̀, yóò tún un ṣe, ojú tirẹ̀ ni yóò sì fi wo ohun tó ń jẹ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà, lẹ́tà ni mo ń kọ. Iṣẹ́ méjì ni lẹ́tà náà ń ṣe: ó ń sọ ohun tí yóò yí padà, ó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tó kù. Èyí àkọ́kọ́ kì í nira fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èkejì ni a máa ń gbàgbé, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń jáde.

Kọ́kọ́ dárúkọ fáìlì

Dísáínà adáṣiṣẹ́ máa ń ní fáìlì iṣẹ́ yín mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Tó bá ṣèèṣì ṣí èyí tó ti pẹ́, àṣìṣe tí ẹ ti tún ṣe lóṣù tó kọjá yóò jí padà, ẹ ó sì máa rò pé àfojúdi ló fi ṣe é. Nítorí náà, kí ìlà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkíni dárúkọ fáìlì gan-an bó ṣe hàn lójú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ọjọ́ tó fi í ránṣẹ́. Tiwa ní báyìí ni `adire-v3.pdf`. Kí ẹ sì sọ orúkọ tí èyí tó ń bọ̀ yóò jẹ́: `adire-v4.pdf`. Ẹ má ṣe gbà kí ó pe fáìlì kankan ní "ìkẹyìn". Mo ti rí ìkẹyìn tó ní ìkẹyìn mìíràn lẹ́yìn.

Ní ìlà kan náà, ẹ sọ iye àtúnṣe tó wà nínú lẹ́tà. Tí ẹ bá kọ "àtúnṣe márùn-ún ni", tí ó sì rí mẹ́rin péré, yóò mọ̀ pé ojú òun fo ọ̀kan. Ẹ̀yin náà yóò sì mọ ohun tí ẹ ó máa kà nígbà tí iṣẹ́ bá padà dé.

Bí a ṣe ń tọ́ka sí ibi kan láì ṣini lọ́nà

Ìwé pẹlẹbẹ tó wọ́pọ̀ jù ni ewé A4 kan tí a ṣẹ́ po lọ́nà mẹ́ta. Ojú mẹ́fà ló ní. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ yóò sọ pé ojú iwájú ni ojú kìíní. Dísáínà kò rí i bẹ́ẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ewé náà wà ní títẹ́ gbalaja: ojú iwájú wà ní apá ọ̀tún pátápátá lórí ojú-ewé 1, ojú ẹ̀yìn wà láàárín, èyí tó wà ní apá òsì ni ojú tó ń ṣẹ́ wọ inú. Ẹ wá kọ "ojú kẹta" sí i, ẹ ń ro ojú kan, òun ń wo òmíràn.

Ọ̀nà tí kì í ṣini ni pé kí ẹ ṣí PDF náà bí òun ṣe ń ṣí i, kí ẹ sọ ojú-ewé 1 tàbí 2, lẹ́yìn náà òsì, àárín tàbí ọ̀tún, lẹ́yìn náà àkọlé tó wà lórí ohun tí ẹ ń wí. Bí àpẹẹrẹ: "Ojú-ewé 2, àárín, lábẹ́ àkọlé *Bí a ṣe ń ṣe é*, nọ́ńbà 3." Ẹ má ṣe sọ pé "níbi tí mo fi pupa yí ká nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ lánàá". Fọ́tò a máa sọnù sáàárín ọ̀rọ̀ Wásáàpù. Ẹ lè fi í kún lẹ́tà, ṣùgbọ́n kí lẹ́tà fúnra rẹ̀ dá dúró láìsí i.

Ohun tó wà níbẹ̀, ohun tí yóò wà níbẹ̀

Àtúnṣe kọ̀ọ̀kan nílò nǹkan mẹ́ta: ibi tó wà, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí lódindi, àti ọ̀rọ̀ tí yóò rọ́pò rẹ̀ lódindi. Ẹ má ṣe kọ "ẹ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún owó". Ẹ kọ "₦45,000" kí ẹ sì kọ "₦60,000", kó má bàa ní ìṣirò kankan láti ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ iye ibi tí ó ti fara hàn. Owó ẹ̀kọ́ tiwa wà níbi méjì, lójú tó ń ṣẹ́ wọ inú àti lójú tí a fi kọ ètò ọjọ́. Ẹni tó bá tún ọ̀kan ṣe tó fi èkejì sílẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín Àǹtí àti òbí ọmọ ìkọ́ṣẹ́.

Àpẹẹrẹ tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ni ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nínú àlàyé iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pé: "Fi ìyẹ́ adìyẹ fa ẹ̀kọ́ sára aṣọ." Ẹni tó mọ Yorùbá ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ ni a ń fà sára aṣọ, èyí tí a fi láfún sè, kí aró má lè wọ ibi tí a fà á sí. Ẹ̀kọ́ ni ohun tí a ń kọ́ni. Àmì kan ṣoṣo lórí lẹ́tà ìkẹyìn ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Ká ní mo kọ sí dísáínà pé "ẹ yí ẹ̀kọ́ padà sí ẹ̀kọ", kí ni yóò ṣe? Yóò ní kí ẹ̀rọ wá gbogbo "ẹ̀kọ́" nínú ìwé náà, kí ó sì pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́jú kan kò ní pé. Àkọlé ojú iwájú, "Ẹ̀kọ́ àdìrẹ fún olùbẹ̀rẹ̀", yóò di ìpolówó oúnjẹ àárọ̀, "owó ẹ̀kọ́" yóò sì di iye tí a ń ta ẹ̀kọ. Nítorí náà ni mo ṣe ka ìwé náà láti òkè délẹ̀ kí n tó kọ lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ yẹn wà níbi márùn-ún. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò tọ̀nà. Mo sọ ọ̀kan yẹn, mo sì sọ pé mẹ́rin yòókù tọ̀nà, kí ó má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ohun mìíràn tún wà lára àmì wa tí ẹni tó ń kọ irú lẹ́tà yìí gbọ́dọ̀ mọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó jẹ́ "ẹ́" tàbí "ọ́" lódindi. Ẹ̀rọ máa ń gbé lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀ kalẹ̀, yóò sì wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe fún irú èyí kò ní mọ ibi tí yóò gbé àmì náà sí. Ẹ ó rí i pé àmì náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí pé àpótí kékeré jókòó síbi tó yẹ kí lẹ́tà wà, tàbí pé lẹ́tà kan nípọn ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nítorí pé inú fọ́ǹtì mìíràn ni ẹ̀rọ ti yá a wá. Àmì náírà, ₦, náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dísáínà tí èyí bá sú yóò yọ àmì náà kúrò, tàbí kí ó pààrọ̀ fọ́ǹtì gbogbo ojú náà láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí ó da ọ̀rọ̀ kọ láti inú lẹ́tà kí ó sì lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kí ó má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àti pé tí fọ́ǹtì kò bá gbé e, kí ó dúró kí ó sì sọ fún mi. Ìdí kan náà ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun sínú lẹ́tà gan-an, tí n kì í fi ṣe fọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ da ọ̀rọ̀ kọ láti inú fọ́tò lè ní láti tún un tẹ̀, tàbí kí ẹ̀rọ ṣi àmì rẹ̀ kà.

Fọ́tò, àti ohun tí a fẹ́ yọ

Tí ẹ bá ń pààrọ̀ fọ́tò, ẹ sọ orúkọ fáìlì tuntun, kí ẹ sọ pé inú férémù àtijọ́ náà ni yóò wọ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí kò gbọdọ̀ gé kúrò. Férémù tiwa fẹ̀ tó mílímítà 85, ó sì ga tó 60. Kí ó tó mọ́ dáadáa lórí ìwé, fọ́tò náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí píséẹ̀lì 1,000, kí ó sì ga tó nǹkan bí 700 lẹ́yìn tí a bá ti gé e. Fọ́tò tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán lórí Wásáàpù, wọ́n ti fún un mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, tàbí kí ẹ fi í kún ímeèlì.

Yíyọ ọ̀rọ̀ kúrò ni àwọn ènìyàn rò pé ó rọrùn jù, òun ló sì máa ń ru gbogbo ojú sókè. Ẹ yọ gbólóhùn kan, gbogbo ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò gòkè, àyè yóò ṣí sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ojú dísáínà kò ní lè gba àyè yẹn, yóò sì sọ lẹ́tà di ńlá kí ó fi kún un. Ẹ ti pàdánù ojú-ewé kan nítorí gbólóhùn kan. Ẹ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àyè náà. Èmi máa ń kọ: "kí àyè rẹ̀ ṣófo, kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ má gòkè." Bákan náà ni tí ọ̀rọ̀ tuntun bá gùn ju ti àtijọ́ lọ: ẹ sọ ibi tí yóò ti jẹ àyè sí i.

Títi ilẹ̀kùn

"Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn" kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Dísáínà lè rò pé yíyí àwọ̀ díẹ̀ kì í ṣe fífọwọ́ kan nǹkan. Ẹ dárúkọ àwọn ohun tí ojú iṣẹ́ máa ń fà á sí: fọ́ǹtì àti bó ṣe tóbi tó, àwọ̀, ipò fọ́tò, àyè àárín ìlà, ìlà ìṣẹ́po. Lórí ìṣẹ́po, ojú tó ń ṣẹ́ wọ inú gbọ́dọ̀ fi mílímítà díẹ̀ kéré sí àwọn méjì yòókù. Tiwa jẹ́ 97 nígbà tí àwọn yòókù jẹ́ 100 ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sọ gbogbo wọn di ọgbọọgba kí ó lè rẹwà lójú kọ̀ǹpútà ti ba ìwé jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣẹ́ ẹ.

Kí ẹ sì fi fèrèsé kan sílẹ̀. Tí òun fúnra rẹ̀ bá rí àṣìṣe tòótọ́ tí ẹ kò rí, kí ni kí ó ṣe? Ẹ ní kí ó kọ ọ́ sí yín, kí ó má ì tíì tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni dísáínà wa ti gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú lọ́nà yìí.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn kan pé irú lẹ́tà báyìí le jù fún ẹni tó jù wọ́n lọ. Bọ̀dá yìí fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, n kò sì lè máa pàṣẹ fún un bí ọmọ ọ̀dọ̀. Gbogbo ọ̀wọ̀ ni mo máa ń kó sínú ìkíni àti "ẹ jọ̀wọ́" kan ṣoṣo lókè. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan máa ń gbẹ bí ìwé ọjà. Tí a bá fi "tó bá ṣeé ṣe" àti "bí ẹ bá rí i pé ó yẹ" dá a lọ́ràá, yóò rò pé òun lè yàn láàárín wọn.

Lẹ́tà wa nìyí. Mo ti fi òdo rọ́pò púpọ̀ nínú nọ́ńbà fóònù.

> Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Àǹtí ní kí n kí yín, wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an.
>
> Orí `adire-v3.pdf` tí ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Tusidé ni lẹ́tà yìí dúró lé. Àtúnṣe márùn-ún ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí tuntun pamọ́ sí `adire-v4.pdf`. Ẹ da ọ̀rọ̀ kọ láti inú lẹ́tà yìí, ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.
>
> 1. Owó, ibi méjì: ojú-ewé 1, òsì, ìlà tó kẹ́yìn; àti ojú-ewé 2, ọ̀tún, lábẹ́ *Ètò ọjọ́*.
> Ó wà báyìí: ₦45,000
> Kó di: ₦60,000
>
> 2. Ọ̀rọ̀ kan, ibi kan ṣoṣo: ojú-ewé 2, àárín, lábẹ́ *Bí a ṣe ń ṣe é*, nọ́ńbà 3.
> Ó wà báyìí: Fi ìyẹ́ adìyẹ fa ẹ̀kọ́ sára aṣọ.
> Kó di: Fi ìyẹ́ adìyẹ fa ẹ̀kọ sára aṣọ.
> Àmì orí lẹ́tà ìkẹyìn nìkan ló kúrò. "Ẹ̀kọ́" wà níbi mẹ́rin mìíràn, gbogbo wọn tọ̀nà, kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀.
>
> 3. Fóònù, ibi kan: ojú-ewé 1, àárín, ìsàlẹ̀.
> Ó wà báyìí: 0800 000 4471
> Kó di: 0800 000 4417
>
> 4. Fọ́tò, ibi kan: ojú-ewé 2, òsì, òkè. Ẹ yọ fọ́tò ìkòkò aró, ẹ fi `owo-aladire.jpg` tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí sínú férémù kan náà. Ọwọ́ méjèèjì àti ìyẹ́ gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ lè gé apá òkè.
>
> 5. Yíyọ, ibi kan: ojú-ewé 2, ọ̀tún, gbólóhùn tó kẹ́yìn lábẹ́ *Ètò ọjọ́*.
> Ẹ yọ: Oúnjẹ ọ̀sán wà lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́.
> Kí àyè rẹ̀ ṣófo, kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ má gòkè.
>
> Gbogbo ohun tí n kò fi nọ́ńbà sí kó wà bó ṣe wà nínú v3: fọ́ǹtì àti bó ṣe tóbi tó, àwọ̀ gbogbo, ipò àwọn fọ́tò yòókù, àyè àárín ìlà, ìlà ìṣẹ́po. Tí fọ́ǹtì kò bá gbé àmì kan, tàbí tí ẹ bá rí àṣìṣe mìíràn, ẹ kọ ọ́ sí mi kí ẹ tó tún un ṣe.
>
> Tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ kàn kọ 1 sí 5, kí ẹ sọ èyí tó ti parí.

Ẹ ó rí i pé n kò sọ ìdí tí owó fi gòkè tàbí ìdí tí oúnjẹ fi dáwọ́ dúró. Kò kàn án. Ibi tí àlàyé ti wúlò ni nọ́ńbà 2, nítorí pé láìsí i, ojú lè má rí ìyàtọ̀ àwọn gbólóhùn méjèèjì rárá.

Tí ohun kẹfà bá wá síni lọ́kàn lẹ́yìn tí lẹ́tà ti lọ, ẹ mú sùúrù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún lẹ́tà tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ dísáínà adáṣiṣẹ́ ló máa ń ka iye ìgbà tí a dá iṣẹ́ padà mọ́ owó wọn, ohun kékeré tí a sì ń rọ̀jò lé wọn lórí Wásáàpù ni wọ́n ń gbàgbé. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ kò fẹ́ràn ojú ìwé náà lápapọ̀, ẹ má kọ irú lẹ́tà yìí rárá. Ẹ pè é, kí ẹ jókòó sọ ọ́, nítorí iṣẹ́ tuntun nìyẹn, owó tuntun ló sì ń gbà.

Nígbà tí v4 bá dé

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn nọ́ńbà márùn-ún. Ẹ ka fóònù láti ẹ̀yìn wá síwájú, nítorí ojú máa ń ka ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹ sì pe nọ́ńbà náà láti inú PDF gan-an, kí fóònù Àǹtí dún.

Lẹ́yìn náà ni ìdajì iṣẹ́ tí èmi fò lọ́jọ́sí. Ẹ ṣí v3 àti v4 lórí kọ̀ǹpútà, kí àwọn méjèèjì tóbi bákan náà, kí ẹ sì máa lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan, kí ẹ máa padà sọ́dọ̀ èkejì kíákíá. Ohun tí kò yí padà yóò dúró jẹ́ẹ́. Ohun tó yí padà yóò fò. Ibi mẹ́fà ló yẹ kó fò níbí, nítorí pé owó wà níbi méjì. Tí ẹ bá rí ìkeje, ẹ ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣe. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè tẹ méjèèjì sórí ewé, kí ó gbé ọ̀kan lé èkejì, kí ó sì gbé wọn sójú fèrèsé ní ọ̀sán. Ìlà tó bá yẹ̀ yóò hàn bí ẹni pé ó ní òjìji.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìkeje wà. Àmì náírà ojú-ewé 1 tín-ín-rín ju nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e lọ. Fọ́ǹtì kò gbé e, ẹ̀rọ sì ti lọ yá òmíràn. Mo kọ ìlà kan: "Ojú-ewé 1, òsì, ìlà tó kẹ́yìn: ₦ wá láti fọ́ǹtì mìíràn, ẹ fi èyí tó wà lójú-ewé 2 rọ́pò rẹ̀." Ó padà dé lálẹ́ ọjọ́ náà bíi v5.

Ìgbà náà ni mo kọ̀wé pé: "`adire-v5.pdf` ni kí ẹ fi ṣe fáìlì títẹ̀." Mo dárúkọ rẹ̀ lódindi, n kò sọ pé "ó ti dára" lásán. Mo sì pa v3 àti v4 rẹ́ lórí fóònù mi, kí ọwọ́ má bàa ṣìnà nígbà tí mo bá ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú.